Ọkọ̀ wa dákú lọ́nà Àkúrẹ́, ọmọ mi sì ní ìdánwò ní 10:30

Ìró tí mo kọ́kọ́ gbọ́ dà bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ìdérí kúrò lórí ìkòkò tó ń hó. Kí n tó béèrè ohun tó dé, èéfín funfun ti bo gíláàsì iwájú, dírẹ́bà sì ti ń wa ọkọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. A ti kọjá Ùsò, a ò sì tíì dé Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Mo wo fóònù mi, aago 8:26 ni.

Oṣù kẹrin ọdún 2024 nìyẹn. Ọmọ mi ọkùnrin jókòó tì mí, ó fi fáìlì oníke lé itan, sílíìpù JAMB rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ohun tó wà lórí sílíìpù ni pé ìdánwò rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ ní 10:30 àárọ̀ ní sẹ́ńtà kan ní Àkúrẹ́, kó sì ti débẹ̀ ní 9:00 kí wọ́n lè yẹ ìka rẹ̀ wò. Láti Ọ̀wọ̀ la ti ń bọ̀. Ọ̀wọ̀ sí Àkúrẹ́ kì í ṣe ọ̀nà jíjìn, bí wákàtí kan ni bí ọ̀nà bá dán. Wákàtí kan yẹn ni mo ṣírò. Mi ò ṣírò ìgbà tí ọkọ̀ fi ń dúró de èrò ní gáréèjì. A dé gáréèjì ní 6:40, ọkọ̀ ò kún títí di 7:35. Èmi olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò!

Dírẹ́bà fi àkísà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì ní, "Ẹ má bínú, ó kàn gbóná ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré." Ó ra omi inú ọ̀rá lọ́wọ́ ọmọdé kan tó ń kiri, ó ń já a sínú rédíétọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀, a dúró sábẹ́ igi. Ọmọ mi àti àwọn ọkùnrin méjì kan bá a ti ọkọ̀ náà síwájú díẹ̀ kó lè kúrò lórí kọ́nà. Mo dúró de ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn tó fi di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo sì ń wo ojú dírẹ́bà bí ẹni ń wo ojú dókítà.

Abẹ́ ọkọ̀ ló yẹ kí n wò. Bí ọkọ̀ bá gbóná nítorí pé omi rẹ̀ dín kù lásán, bó bá tutù tán tí wọ́n bu omi sí i, ó lè gbé yín dé ibi tí ẹ ń lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé rọ́bà tó ń gbé omi láti rédíétọ̀ lọ sínú ẹ́ńjìnnì ló ya, omi tí wọ́n ń dà sókè, ìsàlẹ̀ ló ń gbà jáde. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wò ó ní 8:42, omi ti ṣe odò kékeré sábẹ́ ọkọ̀, ó ń ṣàn lọ sínú koríko. Mo bi dírẹ́bà bóyá ó ní rọ́bà mìíràn nínú búùtù. Ó dákẹ́. Ó ní òun ti pe mẹkáníìkì kan ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn ò ní gbé wa dé Àkúrẹ́ kí aago mẹ́wàá tó lù.

Àṣìṣe kejì mi ni pé bàbá ọmọ ni mo kọ́kọ́ pè. Ìkàrẹ́ ló wà lọ́jọ́ náà, kò sí ohun tó lè ṣe fún wa láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àyà mi ń já, mo fẹ́ gbọ́ ohùn ènìyàn mi. Mo pariwo sí i létí pé ọkọ̀ ti bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, ó ní kí n fi nọ́ńbà sẹ́ńtà ránṣẹ́ sí òun. Mo fi ránṣẹ́. Mi ò mọ ohun tí yóò sọ fún wọn. Ẹ ó gbọ́ ọ níwájú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nọ́ńbà yẹn ṣe dé ọwọ́ mi, torí kò sí nọ́ńbà fóònù kankan lórí sílíìpù tiwa, orúkọ sẹ́ńtà àti àdírẹ́sì ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú, èmi àti ọmọ ti lọ wo sẹ́ńtà náà kí a má baà sọnù lọ́jọ́ ìdánwò. Nọ́ńbà kan wà lára pátákó ìta, mo dà á kọ. Ọlọ́run ló ní kí n tún wọlé béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó jókòó nídìí tábìlì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mà, nọ́ńbà ọ̀gá wa nìyẹn o. Lọ́jọ́ ìdánwò wọn kì í gbé e. Èyí ni kí ẹ kọ." Òun fúnra rẹ̀ ló ni nọ́ńbà kejì. Bí kì í bá ṣe ti ọmọbìnrin yẹn, gbogbo ìtàn yìí ì bá rí bákan mìíràn.

Mo pè é ní 8:51. Ìpè yẹn ò dára rárá. Tírélà ń kọjá, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọnú fóònù, èmi náà bẹ̀rẹ̀ láti gáréèjì Ọ̀wọ̀: bí a ṣe jí, bí ọkọ̀ ò ṣe kún, bí mo ṣe sọ fún dírẹ́bà pé kó rọra. Ọmọbìnrin náà gbọ́ mi fún bí ìṣẹ́jú kan, ó wá rọra béèrè pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Kí ni ẹ wá fẹ́ kí n ṣe báyìí?" Mi ò lè dáhùn. Nẹ́tíwọọ̀kì sì já.

Ìbéèrè yẹn ló ṣí mi lójú. Ẹni tó wà ní sẹ́ńtà kò nílò ìtàn ìrìnàjò wa. Ó ní ogunlọ́gọ̀ ọmọ níwájú tó fẹ́ tẹ ìka, ìwé kékeré kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè kọ nǹkan sí. Ohun tó lè kọ sórí ìwé kékeré yẹn ni kí n sọ. Mo rìn kúrò lẹ́bàá títì, mo wọ abẹ́ igi kòkó kan tí ariwo ti dín kù, mo ní kí ọmọ di sílíìpù mú síwájú mi. Mo tún pè ní 8:57.

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, èmi náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú bírò. Ọmọ mi ní ìdánwò níbẹ̀ lónìí ní 10:30. Orúkọ rẹ̀ rè é." Mo pe orúkọ náà bó ṣe wà lórí sílíìpù, orúkọ bàbá ṣáájú, kì í ṣe orúkọ tí a ń pè é nílé. Lẹ́yìn náà ni mo ka nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà náà gùn, lẹ́tà méjì ló sì parí rẹ̀. Mo kà á ní mẹ́rin-mẹ́rin, mo dúró lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan kó lè kà á padà fún mi. Lẹ́tà ló máa ń dà á rú lórí fóònù, torí B, D, E àti G, ìró kan náà ni wọ́n ní nínú afẹ́fẹ́. Mo ní, "D bíi Dàda, B bíi Báyọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ dáadáa.

Mo wá ní, "Ọkọ̀ èrò tí a wọ̀ láti Ọ̀wọ̀ bàjẹ́ láàárín Ùsò àti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ní 8:26. Kò sẹ́ni tó fara pa. A ń fi ọ̀kadà lọ sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ báyìí láti wọ ọkọ̀ mìíràn. Mo rò pé a ó dé ọ̀dọ̀ yín láàárín 10:00 sí 10:15. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ bá mi sọ fún alábòójútó tí JAMB rán wá, kí ẹ sì bá mi bi wọ́n pé aago mélòó ni wọ́n máa dá àyẹ̀wò ìka dúró fún ìpele yìí."

Kò gba ìṣẹ́jú méjì. Ẹ wò ó, ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn ló níye lórí jù. Àwọn tó ni sẹ́ńtà yàtọ̀ sí àwọn tó ni ìdánwò. Ilé, kọ̀ǹpútà, jẹnẹrétọ̀ àti ọmọbìnrin ìdí tábìlì, ti sẹ́ńtà ni. Ẹni tó lè sọ pé kí ọmọ wọlé tàbí kó má wọlé, òṣìṣẹ́ tí àjọ rán wá ni. Bí ẹ bá ń bẹ ọmọbìnrin náà pé kó gbà wá láàyè, ohun tí kò sí lápò rẹ̀ lẹ ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ó lè mú ìwé lọ inú, ó sì lè mú èsì bọ̀. Ohun tó sọ fún mi náà nìyẹn: "Mà, mi ò lè ṣèlérí o, èmi kọ́ ni mo láṣẹ. Màá mú un lọ fún wọn. Ẹ dúró, ẹ má pa fóònù."

Ó padà dé lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó ní wọ́n ti kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀, àwọn yóò pa ẹ̀rọ ìka ní 10:20, bí ìdánwò bá sì ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa wọlé mọ́. Ó ní ìpè mi ò dá aago dúró. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní tòótọ́, mo dúpẹ́ ju bí ì bá ti ṣèlérí fún mi lọ. Títí di ìgbà yẹn, 10:30 ni mo gbé sọ́kàn. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé 10:20 ni mò ń lé.

Mo tún kọ ohun kan náà ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, torí mi ò mọ̀ bóyá alábòójútó náà gbọ́ Yorùbá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí lédè wa: orúkọ, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, ìpele 10:30, ọkọ̀ èrò bàjẹ́ láàárín Ùsò àti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ní 8:26, kò sí ìfarapa, a ń fi ọkọ̀ mìíràn bọ̀, a retí láti dé kí 10:15 tó kọjá, èmi ìyá rẹ̀ ni mo ń kọ ọ́, nọ́ńbà mi rè é. Mo fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí mẹ́sééjì lásán, kì í ṣe orí Wọ́ọ̀sáàpù, nítorí dátà lè má sí lójú ọ̀nà. Àǹfààní mẹ́sééjì ni pé aago tí a fi í ránṣẹ́ wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn pé a ò sọ tẹ́lẹ̀, aago náà á dá a lóhùn.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, mo ya fọ́tò mẹ́ta. Ọ̀kan fi nọ́ńbà ọkọ̀ hàn pẹ̀lú bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀, ọ̀kan fi omi abẹ́ ọkọ̀ hàn, ọ̀kan sì ni ti ọmọ mi tó dúró tì í pẹ̀lú sílíìpù lọ́wọ́. Mo gba nọ́ńbà dírẹ́bà. Gáréèjì wa ò fún wa ní tíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ orúkọ gbogbo èrò sínú ìwé kí ọkọ̀ tó gbéra, mo sì mọ̀ pé ìwé yẹn wà. Gbogbo èyí ò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi sílẹ̀, ẹ máa lọ. Fọ́tò ò lè jókòó ṣe ìdánwò.

Nǹkan kan wà tí mo ṣì ń rò títí di òní. Ọmọbìnrin kan wà nínú ọkọ̀ wa, òun nìkan ló ń lọ, sẹ́ńtà kan náà, aago kan náà. Ọ̀kadà kan ṣoṣo ló dá wa lóhùn ní 9:04, èmi àti ọmọ mi ló sì gùn ún. Mo sọ fún ọmọbìnrin náà pé kó gun èyí tó bá tẹ̀lé e. Ó ní owó tó wà lọ́wọ́ òun ò ju ti ọ̀kadà inú Àkúrẹ́ lọ, pé dírẹ́bà ti sọ pé mẹkáníìkì ń bọ̀. Mo fún un lówó díẹ̀, a sì lọ. Àwọn ọmọ méjèèjì ló yẹ kí n gbé sórí ọ̀kadà yẹn, kí èmi máa bọ̀ lẹ́yìn. Èmi ò ní ìdánwò kankan. Ó kéré jù, ó yẹ kí n ti pe nọ́ńbà tirẹ̀ náà fún obìnrin tó wà lórí fóònù nígbà tí bírò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn. Ọmọ tèmi nìkan ni mo ń rí.

Ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, a rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tó ń lọ Àkúrẹ́. Àyè méjì ló kù kó kún, mo san owó méjèèjì kún tiwa kó lè gbéra. Ó gbéra ní 9:29. Ọ̀nà dán títí a fi dé ìtòsí ọjà Ṣàṣà, níbi tí ọkọ̀ ti tò bí ẹni tò fún ìrẹsì ọ̀fẹ́. Mo fi mẹ́sééjì kejì ránṣẹ́: "A ti wọ Àkúrẹ́, a wà ní Ṣàṣà, a ń gun ọ̀kadà." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó ń bá wa ṣiṣẹ́ nínú, bí a bá ń pè é ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, yóò pa fóònù náà ni.

Kí a tó gun ọ̀kadà, mo gba fóònù ọmọ, aago ọwọ́ rẹ̀ àti wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo kó wọn sínú báàgì mi. Wọn kì í jẹ́ kí fóònù tàbí aago wọlé. Ẹni tó bá pẹ́ dé, tó tún wá ń wá ibi tí yóò tọ́jú fóònù sí lẹ́nu géètì, ìṣẹ́jú márùn-ún tí kò ní ló ń fi ṣòfò.

10:11 ni a dé. Géètì ti wà ní títì. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ ò tilẹ̀ wò wá, ó ní, "Wọ́n ti parí, ẹ máa lọ." Mo ti rí ọ̀pọ̀ òbí tó bá ẹ̀ṣọ́ jà ní irú ibẹ̀. Òun náà kọ́ ló láṣẹ. Mo kí i dáadáa, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọkọ̀ wa bàjẹ́ lọ́nà, mo ti pè láti 8:57, orúkọ ọmọ yìí wà lọ́wọ́ alábòójútó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn fi sílíìpù yìí hàn wọ́n." Mo na sílíìpù sí i láàárín irin géètì. Ó rọrùn fún un láti mú ìwé wọlé ju kó ṣílẹ̀kùn fún ènìyàn lọ. Ó gbà á. Mo tún tẹ ọmọbìnrin inú láago lẹ́ẹ̀kan, pé a ti wà lẹ́nu géètì.

Ọkùnrin kan jáde pẹ̀lú sílíìpù náà lọ́wọ́ kan, ìwé kékeré lọ́wọ́ kejì. Ó wo ọmọ mi láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Mà, ìpè méjì la gbà lórí ọmọ yìí. Ọ̀kan ní ọkọ̀ bàjẹ́. Èkejì, ọkùnrin kan, ní ẹ ní jàǹbá ọkọ̀, pé ọmọ ti fara pa, pé wọ́n ti ń gbé e lọ ọsibítù. Èwo ni ká gbà gbọ́?"

Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lanu. Bàbá ọmọ ti rò pé bí òun bá sọ ọ́ kó le, àánú á ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: bí ọmọ bá fara pa, ẹni tó ń bójú tó ìdánwò gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ara rẹ̀ le tó láti jókòó fún wákàtí méjì, yóò sì fẹ́ rí ìwé dókítà. Bí kò bá fara pa, a jẹ́ pé a purọ́, irọ́ ẹyọ kan sì ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù di irọ́. Mo ní, "Sà, bàbá rẹ̀ lẹni tó pè, Ìkàrẹ́ ló wà, ẹ̀rù ló bà á, kò gbọ́ mi yé. Jàǹbá kankan ò ṣẹlẹ̀. Rọ́bà rédíétọ̀ ló ya." Mo fi fọ́tò hàn án. Ó wo aago orí fóònù, ó wo ìpè 8:57 àti mẹ́sééjì tó tẹ̀lé e, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní kí wọ́n ṣí géètì fún ọmọ nìkan. 10:15.

Mo rò pé ó ti tán. Kò tán. Ẹ̀rọ ìka kọ̀ ọ́. Ọmọ ti ọkọ̀ lójú ọ̀nà, òógùn àti ìdọ̀tí dúdú wà ní àtàǹpàkò rẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun tẹ̀ ẹ́ tí iná pupa ń tàn. Òṣìṣẹ́ kan ló ní kó lọ fọ ọwọ́ ní ẹ̀rọ omi, kó nù ún gbẹ lára ṣòkòtò, kó wá fi ìka mìíràn tẹ̀ ẹ́. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n ti gbà nígbà ìforúkọsílẹ̀, nítorí náà bí àtàǹpàkò bá kọ̀, ìfábẹ̀lá lè gbà. Ìfábẹ̀lá ọ̀tún ló gbà á ní 10:19. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ibi tí ọkọ̀ ti bàjẹ́, omi inú ọ̀rá kan àti àkísà mímọ́ ni kó tọ́jú sọ́wọ́. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ní ìbéèrè 180 níwájú rẹ̀ àti wákàtí méjì, bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọmọbìnrin inú ọkọ̀ wa dé ní 10:52.

Mo wà lábẹ́ igi fúrúùtù tó dojú kọ géètì nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó ń sáré, ó fi sílíìpù lu géètì. Ẹ̀ṣọ́ bi í pé kí ló dé, ó ní gòsílóò ni. Mo sáré lọ bá a, mo ní, "Ìwọ náà, sọ òtítọ́ fún wọn, ọkọ̀ ló bàjẹ́." Ó ní òun rò pé gòsílóò ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Alábòójútó jáde fún un náà, kò pariwo mọ́ ọn. Ó ṣàlàyé pé ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀ láti ogún ìṣẹ́jú ó lé, pé orúkọ rẹ̀ wà nínú ìpele yìí nìkan, òun ò sì lè dá a mú sínú ìpele mìíràn. Mo fi fọ́tò hàn, mo ní ọkọ̀ kan náà la wọ̀. Ó ní òun gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí òun lè ṣe mọ́ nílé yìí, kó kọ̀wé sí àjọ.

Ọkùnrin kan tó ń tà bírò lẹ́nu géètì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó sún mọ́ wa, ó ní òun mọ ẹni tó lè bá a yí ọjọ́ padà, kó kàn wá nǹkan díẹ̀. Mo ní kó máa tà bírò rẹ̀. Bí àjọ bá yí ọjọ́ ọmọ padà, orí sílíìpù ni yóò ti hàn nígbà tó bá tún un tẹ̀ jáde, kì í ṣe lẹ́nu oníbírò.

Abẹ́ igi yẹn náà la jókòó sí tí mo bá a kọ lẹ́tà náà. Èyí tó kọ́kọ́ kọ fúnra rẹ̀ kún ojú ìwé kan: bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ń ta gaàrí, ìgbà kejì rẹ̀ nìyí. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa ka lẹ́tà náà fẹ́ mọ ẹni tí ó jẹ́, ìdánwò wo ló pàdánù, kí ló fà á, kí ni ẹ̀rí rẹ̀, kí ló sì ń tọrọ. A fi orúkọ, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, ọjọ́, ìpele àti sẹ́ńtà sókè. A kọ ọ́ pé ọkọ̀ kúrò ní Ọ̀wọ̀ ní 7:35, ó bàjẹ́ ní 8:26, mẹkáníìkì dé ní 9:40, òun dé sẹ́ńtà ní 10:52. Mo ní kó kọ ọ́ sí i pé òun ò pe sẹ́ńtà nítorí òun ò ní nọ́ńbà wọn. Ó fẹ́ fi ìyẹn pamọ́. Mo ní bí wọ́n bá béèrè, wọn á rí i pé kò sí orúkọ rẹ̀ lórí ìwé, ó sàn kó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ní ìparí, ìlà kan péré: "Mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ ṣètò ọjọ́ mìíràn fún mi bí àyè bá wà."

Ó gbé e sórí support.jamb.gov.ng láti fóònù mi lọ́jọ́ náà, ó sì gba nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tọpa ẹ̀sùn. Lọ́jọ́ kejì, mo bá alága gáréèjì wa ní Ọ̀wọ̀, ó kọ ìwé kékeré kan pé ọkọ̀ náà bàjẹ́ lóòótọ́, ó ya ojú ewé tí orúkọ ọmọbìnrin náà wà fún wa ní fọ́tò. Wọ́n mú gbogbo rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì JAMB ní Àkúrẹ́. Wọ́n gbà á, wọn ò ṣèlérí. Òṣìṣẹ́ tó gbà á sọ fún ìyá rẹ̀ láìfi bò pé bí kọ̀ǹpútà sẹ́ńtà bá kọṣẹ́, ọ̀rọ̀ àjọ nìyẹn. Bí ọkọ̀ tí ọmọ wọ̀ bá bàjẹ́, ọ̀rọ̀ ìrìnàjò ni, ẹ̀bẹ̀ nìkan ló kù.

Ojoojúmọ́ ló ń tún sílíìpù tẹ̀ jáde títí ìdánwò ọdún yẹn fi parí. Ọjọ́ àtijọ́ náà ló ń rí níbẹ̀.

Ní ọdún 2025, JAMB ṣí ìdánwò àfikún fún àwọn tí kò rí ti àkọ́kọ́ ṣe, ohun yòówù kó fà á. Nígbà tí mo gbọ́, mo rántí ọmọbìnrin yẹn, mo pe ìyá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ òun ò nílò rẹ̀ lọ́dún náà. Ó kú ọjọ́ méjì kí ìdánwò rẹ̀ pé ni àwọn méjèèjì ti wá sùn sílé ẹ̀gbọ́n mi ní Òkè-Àró, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí sẹ́ńtà láàárọ̀ ọjọ́ náà.